SAR àbí dẹ́ltà-sígmà: bí a ṣe ń yan ADC fún ẹ̀rọ tó ń wọn ẹrù tó sì ń darí mọ́tọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan tó ń rọ simẹ́ńtì sínú àpò. Sẹ́nsọ̀ ìwúwo tó lè gbé 50 kg wà lábẹ́ àpò, mọ́tọ̀ kan sì ń yí irin tó ń ti simẹ́ńtì bọ̀ láti òkè. Nígbà tí àpò bá pé 25 kg, mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Ohun méjì ni bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ yìí ní láti kà: ìwúwo àpò, àti kọ́rẹ́ǹtì tí mọ́tọ̀ ń fà. Ìwúwo kì í yí padà kíákíá, àmọ́ fólítéèjì tó ń mú wá kéré débi pé ariwo díẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀. Ti kọ́rẹ́ǹtì mọ́tọ̀ yàtọ̀. Ó tóbi, ó rọrùn láti rí, àmọ́ ó ń gòkè ó ń sọ̀ ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

ADC ni ṣíìpù tó ń sọ fólítéèjì di nọ́ńbà, kò sì sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí dáadáa ní owó tó mọ níwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí a ó fi lo oríṣi méjì: MCP3208 tó jẹ́ SAR oníbíìtì 12, àti HX711 tó jẹ́ dẹ́ltà-sígmà oníbíìtì 24. Tí ẹ bá lóye ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi bọ́ sí ipò rẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí, ẹ ó lè yan ti iṣẹ́ míì fúnra yín.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé ìdí nọ́ńbà

SAR máa ń kọ́kọ́ gbá fólítéèjì mú sínú kapásítọ̀ kékeré kan nínú rẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló wá ń wọn ohun tó gbá mú, bí ẹni ń fi òṣùwọ̀n alápá méjì wọn ọjà: ó gbé òkúta tó jẹ́ ìdajì sí i lákọ̀ọ́kọ́, tó bá pọ̀ jù, á gbé e kúrò, tí kò bá pọ̀ jù, á fi í sílẹ̀, á sì fi ìdajì ìdajì kún un, títí òkúta tó kéré jù á fi tán. Bíìtì kan ni òkúta kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bíìtì 12 gba ìgbésẹ̀ 12, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbàrà tí ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn bá parí, ìdáhùn ti wà nílẹ̀, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ẹ kà ṣáájú tàbí ohun tí ẹ máa kà lẹ́yìn. Àkókò kan pàtó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ nípa rẹ̀, àkókò tí ilẹ̀kùn tì.

Dẹ́ltà-sígmà kò gbá nǹkankan mú bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ẹ̀ka kan tó ń sáré gan-an tó sì ń dá ìdáhùn kan ṣoṣo lé orí ọ̀rọ̀: 1 tàbí 0. Tí àpapọ̀ tó ti kó jọ bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, á dá 1, á sì yọ òdiwọ̀n kan kúrò. Tó bá kéré, á dá 0, á sì fi òdiwọ̀n kan kún un. Láti ìgbà dé ìgbà, iye 1 tó wà nínú ìṣàn yẹn á bá fólítéèjì tó wọlé mu. Nínú ADS1220, tó jẹ́ dẹ́ltà-sígmà míì, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀ka yìí ń ṣiṣẹ́ ní 256 kHz. Tí ẹ bá ní kó máa fún yín ní ìkà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdáhùn 1 àti 0 tó tó 12,800 ló ń wọlé láàárín ìkà kan sí èkejì. Asẹ́ onínọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ló ń kó wọn jọ tó ń sọ wọ́n di nọ́ńbà kan.

Ibí ni agbára dẹ́ltà-sígmà wà. Tí ẹ bá kàn ń kó ìkà SAR jọ tí ẹ ń wá ìpíndọ́gba wọn, ẹ gbọ́dọ̀ kà á ní ìlọ́po mẹ́rin kí ẹ tó jèrè bíìtì kan. Ìyẹn ni pé ìlọ́po méjì ń fún yín ní ìdajì bíìtì. Nínú dẹ́ltà-sígmà, bí ẹ̀ka iwájú ṣe ń kó àṣìṣe rẹ̀ jọ tó sì ń dá a padà máa ń ti ariwo lọ sókè, sí ibi tí asẹ́ máa gé e kúrò. Nítorí náà, ìlọ́po méjì ń mú bíìtì kan àbọ̀ wá bí aṣàkójọ, ibi tó ń kó àṣìṣe yẹn jọ, bá jẹ́ ẹyọ kan, ó sì ń mú méjì àbọ̀ wá bí wọ́n bá jẹ́ méjì. Iye tí ẹ ń san fún èrè yẹn ni àkókò: nọ́ńbà tó jáde kì í ṣe ti àkókò kan pàtó mọ́, ti gbogbo sáà tó kọjá nínú asẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kà sílẹ̀, kí ẹ tó ṣí ìwé àlàyé ṣíìpù kankan

Nǹkan mẹ́rin ni ẹ ó kọ: fólítéèjì tó ga jù tí sẹ́nsọ̀ lè mú wá, ìyípadà tó kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ rí, bó ṣe ń yára yí padà tó, àti iye sẹ́nsọ̀ tí ADC kan máa kà.

Fún ìwúwo: sẹ́nsọ̀ wa ń mú 2 mV jáde fún fólítì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi bọ́ ọ, nígbà tí ẹrù bá pé 50 kg. A ń fi 5 V bọ́ ọ, nítorí náà 10 mV ni gbogbo 50 kg. A fẹ́ rí ìyípadà 5 g. 50 kg pín sí 5 g jẹ́ 10,000 ìpín, ìpín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 1 µV péré.

Fún kọ́rẹ́ǹtì: mọ́tọ̀ lè fà tó 10 A. Ó ń gba inú rẹsísítọ̀ 10 mΩ kọjá, èyí tó ń mú 100 mV wá, amplifáyà kan sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po 40, tó jẹ́ 4 V. Ìyípadà 20 mA ti tó fún wa. Ìyẹn jẹ́ 500 ìpín péré, àmọ́ a gbọ́dọ̀ kà á ní àkókò tí a fúnra wa yàn, nínú ìyípo PWM, ìyẹn títàn àti kíkú iná mọ́tọ̀ léraléra, tí gígùn rẹ̀ kò ju 50 µs lọ.

Ẹ wo bí nọ́ńbà méjèèjì ṣe ya ara wọn sọ́tọ̀. Ọ̀kan ń bèèrè ìkúnná, èkejì ń bèèrè ìyára àti àkókò tó dájú. Ẹ má ṣe wo iye bíìtì tí wọ́n kọ sójú ìwé ṣíìpù kí ẹ tó ṣe ìṣirò yìí, torí iye bíìtì yẹn ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò ìkúnná tó jẹ́ òótọ́

HX711 tí a bá fi sí ìsọdipúpọ̀ 128 ń ka láti −20 mV sí +20 mV nígbà tí a bá fi 5 V bọ́ ọ. 40 mV pín sí 16,777,216 jẹ́ nǹkan bí 2.4 nV fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á rò pé òun lè rí ìwúwo iyanrìn ẹyọ kan. Ìwé àlàyé rẹ̀ sọ pé ariwo tó wà lẹ́nu ìwọlé jẹ́ 50 nV ní 10 SPS, ìyẹn ìkà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àti 90 nV ní 80 SPS. Iye yìí jẹ́ ìtànkálẹ̀ déédéé. Láti mọ bí nọ́ńbà ṣe ń jó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ fi 6.6 sọ ọ́ di púpọ̀:

```
10 SPS: 6.6 x 50 nV = 330 nV;  10 mV / 330 nV = 30,300
80 SPS: 6.6 x 90 nV = 594 nV;  10 mV / 594 nV = 16,800
```

Nítorí náà, ní 10 SPS a lè rí nǹkan bí 1.7 g láìsí pé nọ́ńbà ń jó, ní 80 SPS a sì lè rí nǹkan bí 3 g. Bíìtì 24 tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ di nǹkan bí 15 lórí 10 mV wa. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo dẹ́ltà-sígmà rí, ohun tí a sì nílò ju ìlọ́po kan lọ ló fún wa.

Ṣé MCP3208 kò lè ṣe é? Tí a bá so sẹ́nsọ̀ mọ́ ọn tààrà, ìpín kan rẹ̀ lórí 5 V jẹ́ 1.22 mV, nítorí náà gbogbo 50 kg á bọ́ sínú ìpín 8 péré. Tí a bá fi amplifáyà tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po 400 síwájú rẹ̀, 10 mV á di 4 V, a ó sì rí nǹkan bí ìpín 3,280, tó jẹ́ 15 g fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. A lè kó ìkà 64 jọ ká wá ìpíndọ́gba wọn láti jèrè bíìtì mẹ́ta sí i, èyí tó máa gbé wa sún mọ́ 2 g. Lórí ìwé, ó dára. Àmọ́ ohun mẹ́ta ló ń bà á jẹ́. Ìkíní, ìpíndọ́gba kò ràn wá lọ́wọ́ àyàfi tí ariwo tó tó ìpín kan bá wà nínú ohun tó ń wọlé. Tí gbogbo ìkà 64 bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ìpíndọ́gba wọn náà ni. Ìkejì, wíwọ́ ìlà SAR fúnra rẹ̀, ìyẹn bí nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe bá fólítéèjì gòkè lọ́gbọọgba, tó lè tó ìpín kan tàbí méjì nínú ṣíìpù yìí, kì í lọ bó ti wù kí ẹ kà á tó. Ìkẹta, ìyípadà tí ooru ń mú bá amplifáyà yẹn máa ń wọnú ìwúwo, 1 µV ní ẹnu ìwọlé rẹ̀ sì ti jẹ́ 5 g. SAR oníbíìtì 18 wà tó lè ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ń lò ó níbi tí ẹrù bá ń sáré kọjá lórí òṣùwọ̀n. Fún àpò tó dúró sójú kan, HX711 ló rọrùn jù.

Fún kọ́rẹ́ǹtì, ìpín 1.22 mV pín sí 40, pín sí 10 mΩ, jẹ́ 3 mA. A bèèrè 20 mA. Bíìtì 12 ti pọ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fún SAR ní ohun tí kapásítọ̀ rẹ̀ ń bèèrè

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí SAR wà níbí, ó sì tọ́ ká fara balẹ̀ sí i. Ilẹ̀kùn SAR kì í ṣí pẹ́. Nínú MCP3208, kílọ́ọ̀kì kan àbọ̀ ló fi ń ṣí. Ní 2 MHz, tó jẹ́ ìyára tó ga jù fún un lórí 5 V, ìyẹn jẹ́ 0.75 µs. Láàárín àkókò yẹn, kapásítọ̀ 20 pF inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún débi tí àṣìṣe tó kù kò fi ní ju ìdajì ìpín lọ. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni rẹsísítọ̀ ibi tí fólítéèjì ti ń bọ̀, pẹ̀lú 1 kΩ tó wà nínú ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ nìyí fún bíìtì N:

```
R = t / (C * (N + 1) * ln 2) - Rsw
R = 0.75 us / (20 pF * 13 * 0.693) - 1 kΩ ≈ 3.2 kΩ
```

Amplifáyà kọ́rẹ́ǹtì wa kò ní ìṣòro, torí ẹnu ìjáde rẹ̀ kò tó 3.2 kΩ rárá. Ṣùgbọ́n ká ní a fẹ́ ka fólítéèjì bátìrì lórí ẹsẹ̀ míì nínú ṣíìpù kan náà, tí a sì fi rẹsísítọ̀ 100 kΩ méjì pín in kí ó má bàa jẹ bátìrì. Lójú ADC, 50 kΩ nìyẹn. Pẹ̀lú 1 kΩ ilẹ̀kùn àti 20 pF, kapásítọ̀ nílò nǹkan bí 1 µs kó tó kún dé 63%. Láàárín 0.75 µs kò lè kọjá bí ìdajì. Ìdajì tó kù jẹ́ ohun tó wà nínú kapásítọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó lè jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì mọ́tọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ẹ ó wá rí i pé bátìrì ń gòkè nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tó yẹ kó máa sọ̀.

Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀: ẹ dín kílọ́ọ̀kì SPI, ọ̀nà tí bọ́ọ̀dù fi ń bá MCP3208 sọ̀rọ̀, kù láti 2 MHz sí 200 kHz. Tí nọ́ńbà bátìrì bá yí padà láìjẹ́ pé bátìrì yí padà, kapásítọ̀ kò rí àkókò kún nìyẹn. Ẹ̀rí kejì ni pé kí ẹ so ẹsẹ̀ tí ẹ ń kà ṣáájú rẹ̀ mọ́ 5 V, lẹ́yìn náà mọ́ gíráùǹdù. Tí nọ́ńbà bátìrì bá ń tẹ̀ lé e, ìdáhùn ti hàn. Ẹ má ṣe dín kílọ́ọ̀kì kù láìní òpin o: ní ìsàlẹ̀ 10 kHz, ohun tó wà nínú kapásítọ̀ á ti máa jò dànù kí òṣùwọ̀n tó parí.

Ọ̀nà àbáyọ tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni kí wọ́n fi kapásítọ̀ 100 nF sí ẹsẹ̀ ìwọlé, kó kan gíráùǹdù. Ó tọ̀nà: 100 nF jẹ́ ìlọ́po 5,000 ti 20 pF, nítorí náà nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, fólítéèjì kò ní sọ̀ tó ìpín kan. Àmọ́ ó ní ààlà tí wọn kì í sábà sọ. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, ó bu iná díẹ̀, 50 kΩ yẹn ló sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Tí ó bá burú dé ibi tó lè burú dé, tí kapásítọ̀ inú ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní gbogbo ìgbà lórí 5 V, kíkà á ní ìgbà 10,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ 1 µA. 1 µA nínú 50 kΩ jẹ́ 50 mV, tó jẹ́ ìpín 41. Ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, 0.5 mV péré ni, kò tó ìdajì ìpín. Nítorí náà, kapásítọ̀ 100 nF dára fún ohun tí ẹ ń kà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bíi bátìrì. Ohun tí ẹ ń kà léraléra nílò amplifáyà tí ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1 níwájú rẹ̀.

Ẹ rántí ẹsẹ̀ òdiwọ̀n náà, VREF. Gbogbo òkúta tí SAR bá gbé, láti ibẹ̀ ló ti ń bu iná. Kapásítọ̀ sẹ̀rámíìkì tó tó 10 µF, tó sún mọ́ ẹsẹ̀ yẹn tó bí ọwọ́ ṣe lè dé, máa ń pa ọ̀pọ̀ ìjó nọ́ńbà tí àwọn èèyàn ń dá ariwo lẹ́bi fún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan àkókò tí SAR máa gbá fólítéèjì mú

Kọ́rẹ́ǹtì mọ́tọ̀ ń gòkè nígbà tí PWM bá tàn, ó ń sọ̀ nígbà tó bá kú. Ní àárín gbùngbùn àkókò tó fi tàn, kọ́rẹ́ǹtì wà ní ìpíndọ́gba rẹ̀, ó sì ti jìnnà sí ariwo tí títàn àti kíkú ń fà. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbá a mú. Ẹ ṣètò PWM tó ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, kí àárín yẹn lè jẹ́ ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí ìyípadà yẹn fúnra rẹ̀ dá SPI sílẹ̀. MCP3208 ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́yìn iye kílọ́ọ̀kì tí kì í yí padà láti ìgbà tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ lè ṣírò ìdádúró náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Ìkà kan ní kílọ́ọ̀kì 24 lórí 2 MHz gba 12 µs, ó sì wọ inú 50 µs pẹ̀lú àyè.

Tí nọ́ńbà kọ́rẹ́ǹtì bá ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mọ́tọ̀ ń yí déédéé, ó ṣeé ṣe kí ìkà yín má wà ní ìbámu pẹ̀lú PWM. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìyípo 20 kHz ń ká wọlé bí ohun tó lọ́ra, nítorí SAR kò ní asẹ́ kankan nínú. Asẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ iṣẹ́ yín ni.

Àwọn dẹ́ltà-sígmà kan wà tí wọ́n ṣe fún kọ́rẹ́ǹtì mọ́tọ̀, tí ẹ̀ka iwájú wọn ń sáré ní 20 MHz tí maikirokọntírólà sì ń ṣe asẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n dára gan-an níbi tí fólítéèjì ńlá ti gbọ́dọ̀ ya sọ́tọ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, kì í ṣe pé dẹ́ltà-sígmà ń lọ́ra nígbà gbogbo. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń gba orin sílẹ̀ ń fúnni ní ìkà 192,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí kò lè ṣe ni kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan pàtó láìjẹ́ pé ohun tó kọjá dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣírò bí dẹ́ltà-sígmà ṣe ń pẹ́ tó

Tí ẹ bá gbé ẹrù lé HX711 lójijì, ìkà mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ kọjá kí nọ́ńbà tó dúró: 400 ms ní 10 SPS, 50 ms ní 80 SPS. Nínú ẹ̀rọ simẹ́ńtì wa, ẹrù kì í dé lójijì. Ó ń wọ́ wọlé. Nínú irú ìyẹn, nọ́ńbà máa ń rẹ̀yìn ní nǹkan bí ìdajì àkókò yẹn. Tí simẹ́ńtì bá ń wọlé ní 1 kg láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tí a rí ní 10 SPS á fi nǹkan bí 200 g kéré sí ohun tó wà nínú àpò. Ní 80 SPS, nǹkan bí 25 g ni. Kò sí bí ìkúnná 1.7 g ṣe lè gbà wá lọ́wọ́ 200 g yẹn, nítorí náà 80 SPS ni a ó lò. Ẹsẹ̀ 15 ni RATE. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù HX711 tí wọ́n ń tà, wọ́n ti so ó mọ́ gíráùǹdù, ẹ sì gbọ́dọ̀ gé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó jó o mọ́ DVDD.

Àmọ́ 80 SPS ń gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ní 10 SPS, asẹ́ inú rẹ̀ ń pa gbogbo ohun tó bá jẹ́ ìlọ́po 10 Hz, ìyẹn ni pé 50 Hz àti 60 Hz ti iná ilé kò lè kọjá. Ní 80 SPS, ibi tó ń pa bẹ̀rẹ̀ láti 80 Hz. 50 Hz á wọlé, á sì fara hàn bí ohun tó ń jó ní 30 Hz, nítorí 80 yọ 50 jẹ́ 30. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ wà nínú kóòdù: ẹ máa wá ìpíndọ́gba ìkà mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Ìkà mẹ́jọ ní 80 SPS jẹ́ 100 ms, èyí tó ń pa 10, 20, 30 àti 40 Hz, títí kan 30 Hz tí 50 Hz di àti 20 Hz tí 60 Hz di. Ìdádúró tó fi kún un jẹ́ nǹkan bí 44 ms, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 69 ms, tàbí 69 g. Ó ṣì dára ju 200 g lọ fíìfíì. Bí simẹ́ńtì bá ń wọlé déédéé, 69 g yẹn kì í yí padà, ẹ lè dá mọ́tọ̀ dúró ṣáájú pẹ̀lú iye yẹn.

Kílọ́ọ̀kì inú HX711 kì í ṣe 80 gan-an nígbà gbogbo. Ẹ ka iye ìgbà tí DOUT, ẹsẹ̀ tí ìkà ń gbà jáde, sọ̀kalẹ̀ láti fi hàn pé ìkà tuntun ti wà nílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ó bá jìnnà sí 4,800, ibi tí ìpíndọ́gba yín ti ń pa iná ilé náà ti sún kúrò.

Ìdádúró yìí kan náà ló mú kí dẹ́ltà-sígmà má ṣe dára fún sẹ́nsọ̀ púpọ̀ lórí ADC kan. Tí ẹ bá yí HX711 láti ojú ìwọlé A sí B, ìkà mẹ́rin á tún kọjá kí ti tuntun tó dúró. Ẹni tó bá ń lo ìkà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyípadà ń ka A àti B tó dà pọ̀. SAR lè fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì láàárín mẹ́jọ tó ní láìsí ìdúró, níwọ̀n ìgbà tí ìgbésẹ̀ kẹta bá ti pé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ka HX711 láìjẹ́ kó sùn mọ́ yín lọ́wọ́

Tí PD_SCK, ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀kì HX711, bá wà lókè ju 60 µs lọ, ṣíìpù á rò pé ẹ ní kóun sùn. Ìdálọ́wọ́dúró kan láti inú kóòdù mọ́tọ̀, ní àárín kíkà, ti tó. Nígbà tó bá jí, á padà sí ìsọdipúpọ̀ 128, ìkà rẹ̀ á sì ṣì máa wá ibi tí yóò dúró. Àmì rẹ̀ ni pé ìwúwo á ṣàdédé fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá tí mọ́tọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ dí ìdálọ́wọ́dúró ní kìkì ìgbà tí kílọ́ọ̀kì bá wà lókè:

```c
while (digitalRead(hxData) == HIGH);
uint32_t u = 0;
for (int i = 0; i < 25; i++) {
  noInterrupts();
  digitalWrite(hxClk, HIGH);
  delayMicroseconds(1);
  if (i < 24) u = (u << 1) | digitalRead(hxData);
  digitalWrite(hxClk, LOW);
  interrupts();
  delayMicroseconds(1);
}
if (u & 0x800000UL) u |= 0xFF000000UL;
int32_t v = (int32_t)u;
```

Ìlù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń sọ pé kí ìkà tó ń bọ̀ wá láti A pẹ̀lú 128. 26 jẹ́ B pẹ̀lú 32, 27 sì jẹ́ A pẹ̀lú 64. Ìlà tó wà lẹ́yìn yípo náà ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo dúró nísàlẹ̀ òdo. Láìsí i, àpò òfìfo tó fúyẹ́ díẹ̀ ju òdo lọ á di nǹkan bí mílíọ̀nù 16.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dán an wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e

Ẹ fi sẹ́nsọ̀ ìwúwo sílẹ̀ láìsí ẹrù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan tábìlì, kí ẹ kọ ìkà 500 sílẹ̀ láìṣe ìpíndọ́gba. Ní 10 SPS, ìtànkálẹ̀ déédéé wọn yẹ kó wà ní nǹkan bí 21, láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 140. Ní 80 SPS, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 38 àti 250. Nọ́ńbà yìí wá tààrà láti inú 50 nV àti 90 nV tí a pín sí 2.4 nV. Tí tiyín bá wọ ẹgbẹ̀rún, ṣíìpù kọ́ ló ń ṣe yín. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti jó wáyà sẹ́nsọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ́ wáyà A+ àti A− mọ́ ara wọn, kí ẹ sì gbé wọn jìnnà sí wáyà mọ́tọ̀. Ẹ rí i pé AVDD kan náà ló ń bọ́ sẹ́nsọ̀ tó sì jẹ́ òdiwọ̀n ADC. Bí 5 V bá sọ̀ díẹ̀, méjèèjì á jọ sọ̀, ìwúwo kò sì ní mọ̀. Tí ẹ bá bọ́ sẹ́nsọ̀ láti ibòmíì, gbogbo ìyípadà 5 V yẹn ti di simẹ́ńtì lójú ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan mọ́tọ̀ láìsí simẹ́ńtì kí ẹ tún kọ ìkà 500. Tí ìtànkálẹ̀ bá lọ sókè, ẹ dá PWM dúró kí ẹ fi ọwọ́ yí irin náà. Tí nọ́ńbà bá ṣì ń jó, ìgbọ̀nrìrì irin ni, rọ́bà lábẹ́ sẹ́nsọ̀ ló máa wò ó. Tó bá dákẹ́, ariwo iná ni, ìrìn wáyà àti gíráùǹdù ni kí ẹ lọ tún ṣe.

Fún SAR, ẹ fi fólítéèjì tó dúró gbọn-in, bíi 2.5 V láti inú ṣíìpù òdiwọ̀n, sí ẹsẹ̀ kọ́rẹ́ǹtì. Nọ́ńbà yẹ kó wà lórí 2,048 tàbí ìkan tó sún mọ́ ọn, kó má sì jó ju ìpín méjì lọ, yálà ẹ ń ka ẹsẹ̀ mẹ́jọ tàbí ẹyọ kan. Tó bá yí padà nígbà tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ míì kún un, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta.